Iṣu Tí Naomi Gbé Fún Ọ̀gá Philip

Ẹ má bínú sí mi bí mo bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Philip Ọlábímtán ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ ọ́ dópin láìrẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí ni alákòóso ẹ̀ka Kabba ti Àjọ Kànga Ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn ìlú Okun, tó sì ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń gbésẹ̀, ẹ ó rò pé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ló ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Láàárọ̀, tí mọ́tò rẹ̀ bá ti fun fèrè lẹ́nu géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Akọ̀wé rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Khàlíl, á wá ké tantan pé, "Ránkà dédé! Òjò tí ń rọ̀ sínú kànga!" Ọ̀gá Philip á gbé ọwọ́ kan sókè, á sì dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán kó tó wọlé. Nígbà kan ó sín nínú ìpàdé. Khàlíl dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́.

Kò tíì tán o. Ọ̀gá Philip ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé ẹ̀yìn àga igbákejì òun ga ju ẹ̀yìn àga tòun lọ. Ó pe káfíńtà. Káfíńtà gé ẹ̀yìn gbogbo àga tó wà nínú ọ́fíìsì, àyàfi ti ọ̀gá. Láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn ti ń dun gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka Kabba, tí wọ́n ń jókòó bí ẹni tó ń yáná lórí àpótí ìdáná.

Inú ilé iṣẹ́ báyìí ni wọ́n gbé Naomi wá.

Ọmọ Ponyan ni Naomi, ní ilẹ̀ Ìyàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ló ti ń ṣe tíṣà tẹ́lẹ̀, níbi tí owó oṣù ti máa ń dé nígbà tó bá wu ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ ìjọba yìí ni ìyá rẹ̀ gbàdúrà fún títí orúnkún fi bó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì fìdí múlẹ̀. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì kí ọ̀gá rẹ̀ tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja pé ó yẹ kó dúró, tàbí pé kó máa lọ. Ó ku díẹ̀ kí ọdún méjì Naomi pé. Àbúrò méjì wà nílé ìwé, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ara lé. Ọwọ́ ta ni bírò wà? Ọwọ́ Ọ̀gá Philip ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, nítorí pé Naomi kò gbàgbé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ìwà ọmọ náà dára, kò sì wọ̀n ọ́n fún ẹnikẹ́ni. Tó bá wọlé láàárọ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á kí wọn bí àwọn ará Okun ṣe ń kíni, á ní, "Okun o, mà. Okun o, sà." Ó mọ ọjọ́ tí ìyàwó ọlọ́dẹ ẹnu géètì ń lọ gba ìtọ́jú oyún, á sì béèrè. Ó mọ̀ pé awakọ̀ kì í jẹ ẹ̀wà. Tó bá ra kúlíkúlí, á fọ́n ọn sórí bébà láàárín tábìlì, kí olúkúlùkù mú. Àwọn èèyàn kan wà báyìí, wọ́n kì í ṣe é fún ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ kì í padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọwọ́ òfo. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Naomi lọ sí Ponyan, ó sì kó iṣu láti oko ìyá rẹ̀ bọ̀ nínú àpò. Ó pín in: ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún ọlọ́dẹ, ọ̀kan fún Khàlíl, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Hájíà Jẹ̀mílà tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá. Èyí tó tóbi jù, ó gbé e fún Ọ̀gá Philip, nítorí pé àgbà ni í mú èyí tó tóbi. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní ilẹ̀ Okun tí kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Okun o, sà," ni Naomi wí. "Ìyá mi ní kí n fi èyí kí yín."

Ó gbé e sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Philip wo iṣu. Ó yí àga rẹ̀ ẹlẹ́yìn gíga, ó tún wo iṣu láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó pe Khàlíl.

"Khàlíl," ló wí, "ta ni í gbé iṣu fún ta ni nílẹ̀ wa?"

Khàlíl mọ̀ pé ìdáhùn kan wà tí inú ọ̀gá máa dùn sí. Ó ń wá a. "Ránkà dédé, bí ọlọ́gbọ́n bíi tiyín bá béèrè, èmi á kàn gbọ́ ni."

"Ọkọ ìyàwó ni í gbé iṣu lọ sílé àwọn ìyàwó. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ pọ́ńbélé, sà."

"Tí obìnrin bá wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé iṣu, tí ó tóbi tó èyí, tó tún dárúkọ ìyá rẹ̀ sí i, kí ló ń wí?"

Ẹnu Khàlíl là díẹ̀. Iṣu tirẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì nínú yàrá kejì, wọ́n sì ti fẹ́ sè é lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹyin. Gbólóhùn kan péré, "Sà, ó fún èmi náà," ìtàn yìí ì bá ti tán, èmi náà ì bá ti wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń fi ẹnu dídùn jẹun, òótọ́ máa ń há a lọ́fun.

"Ó ń tọrọ yín, sà," ni Khàlíl wí. "Ó wá fẹ́ yín sílé."

Bí Ọ̀gá Philip ṣe di ọkọ ìyàwó nìyẹn, láìjẹ́ pé ìyàwó mọ̀.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín kí n tó máa bá yẹ̀yẹ́ mi lọ. Ìyàwó ọkùnrin yìí ti kú láti ọdún mẹ́fà. Bólúwadúró, àkọ́bí rẹ̀, ń gbé ní Àbújá, ó sì máa ń pè nígbà tó bá rántí. Tí Ọ̀gá Philip bá délé, rédíò ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó jẹun. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó tó, àánú ti parí.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí Naomi ń ṣe di àmì ìfẹ́. Ó béèrè pé, "Orúnkún yín ńkọ́, sà?" Àmì ìfẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀gá pa àwàdà kan tó ti ń pa láti ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Ìfẹ́ ńlá nìyẹn. Ọ̀gá gbàgbé pé gbogbo ọ́fíìsì ló rẹ́rìn-ín, ọlọ́dẹ tó wà níta tí kò gbọ́ rárá ló sì rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ mọ̀ pé àwàdà ọ̀gá kò yàtọ̀ sí iṣẹ́. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín ẹ̀ kí owó oṣù lè wọlé.

Ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n gbé tábìlì Naomi sí iwájú ilẹ̀kùn òun gan-an. Nítorí àyè, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ lọ sí ilé ìtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ da ìwé kọ ní láti kanlẹ̀kùn, kó sì dúró títí ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fi parí. Ọ̀gá tún pa irun rẹ̀ láró. Oòrùn Kabba kì í ṣe ẹgbẹ́ aró, nígbà tó di ọ̀sán, aró ti ṣàn wọ kọ́là. Naomi rí i, ó na áńkáṣíìfù sí i jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ọ̀gá kó áńkáṣíìfù náà lọ sílé, ó tò ó sábẹ́ Bíbélì.

Hájíà Jẹ̀mílà ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń bọ̀. Ìdílé oníṣòwò kan nínú àwọn Mùsùlùmí Kabba ló ti wá, ọjọ́ kan náà lòun àti Ọ̀gá Philip wọ iṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Bàbá Bólú nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti tì. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga aláìlẹ́yìn, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Bólú," ló wí, "mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbéyàwó."

"Ìyàwó ló fẹ́ gbé mi," ni ọ̀gá dáhùn, ó sì fa agbádá rẹ̀ sókè. "Ọmọbìnrin náà ti pinnu. Èmi kàn ń gbà fún un ni, nítorí àánú."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Iṣu."

Hájíà Jẹ̀mílà wo òkè àjà fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ohun tó ń ṣe fún yín yìí, ṣé kì í ṣe é fún ẹlòmíràn?"

"Ó lè jẹ́ pé ó ń ṣe é fún wọn kí wọ́n má baà fura."

"Ṣé ó ti pè yín rí lọ́jọ́ Sátidé, kì í ṣe nítorí iṣẹ́, kó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín?"

"Obìnrin tó ní ìtìjú kì í pe ọkùnrin."

"Tí ẹ bá jọ wà ní ẹ̀yin méjì péré, ṣé ó máa ń wá ohun tí yóò mú un pẹ́ níbẹ̀ ni, àbí ó máa ń wá ohun tí yóò mú un jáde?"

Ọ̀gá ronú. "Ó máa ń jáde. Ìfẹ́ náà ń mú un láyà já."

"Ẹ pè é pé kí ẹ jọ lọ jẹun ní Lọ́kọ́ja. Kí ló wí?"

"Ó ní òun ò lè wá."

"Ṣé ó sọ pé, 'Ọ̀la ò ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀tunla ńkọ́?'"

"Rárá. Ó ní òun dúpẹ́ ni."

"Bàbá Bólú, ẹni tó bá fẹ́ rí yín, tí ọjọ́ kan bá bọ́, yóò fún yín ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ní òun dúpẹ́, tó pa ẹnu dé, ti dáhùn. Ìwà ọmọlúàbí ló fi bo ìdáhùn náà kó má baà dùn yín." Ó sún mọ́ tábìlì. "Ẹ wò ó tí Tóyọ̀sí bá pè é. Tíṣà kan ni, ní Mopa. Ọmọ yìí á dìde kí fóònù tó dún lẹ́ẹ̀kejì, á bọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò, kò ní í padà wọlé títí. Ó mọ ọjọ́ tí Tóyọ̀sí ń ṣe ìdánwò. Tí Tóyọ̀sí kò bá lè wá lọ́jọ́ Ẹtì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní kó wá lọ́jọ́ Àìkú. Ojú rẹ̀ nígbà yẹn, àti ojú tó fi ń kí èmi àti ẹ̀yin àti awakọ̀, ìkan kọ́. Inú rere wà fún gbogbo wa. Ìyẹn wà fún ẹnì kan."

"Ó ń lo tíṣà yẹn láti fi mú mi jowú ni."

"Ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ṣé ó lè fajú ro sí yín? Bó bá fẹ́ràn yín o, bó bá kórìíra yín o, ẹ̀rín kan náà lẹ ó rí. Tí nǹkan bá wà lọ́kàn yín, ẹ kọ́kọ́ kọ ìwé rẹ̀, kí bírò yẹn kúrò láàárín yín. Kí ẹ wá bi í ní ẹ̀ẹ̀kan, ní kọ̀rọ̀, bí àgbà. Tó bá ní rárá, kó parí síbẹ̀."

Ẹ wò ó, ìmọ̀ràn tó yè kooro nìyẹn. Ká ní orí ọkùnrin yìí ní fèrèsé ni, atẹ́gùn rẹ̀ ì bá wọlé.

"Hájíà," ni ọ̀gá wí, "mo rí i pé owú ń jẹ yín."

Hájíà Jẹ̀mílà dìde. Ó lọ bá Naomi lábẹ́ igi máńgòrò.

Naomi ti mọ̀. Obìnrin wo ni kò ní í mọ̀? Kì í sùn dáadáa mọ́. "Hájíà, mà," ló wí, "tí mo bá yẹra, wọ́n á ní mo ń gbéraga, ìwé mi á sọnù. Tí mo bá ń ṣe bí mo ṣe ń ṣe, wọ́n á ní mo gbà. Ṣé kí n máa ṣàìkí èèyàn ni? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn."

"Má fi ìwà rẹ sílẹ̀ nítorí òmùgọ̀," ni Hájíà dáhùn. "Máa kí i níbi táwọn èèyàn wà. Má ṣe dá nìkan wọlé tọ̀ ọ́. Kí o sì sọ ọ́ fún un kedere, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkọ̀kọ̀ nínú. Èmi á jẹ́rìí."

Naomi gbìyànjú. Nígbà tí ọ̀gá díbọ́n pé àìsàn ń ṣe òun kó lè rí ẹni tí yóò wá, Naomi wá, ó mú ọbẹ̀ ata wá, ṣùgbọ́n òun, Hájíà àti awakọ̀ ló jọ wá, awakọ̀ ló sì mu èyí tó pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ó mú ẹlẹ́rìí wá. Ètò ìgbéyàwó ti ń lọ." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Naomi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, iṣẹ́ nìkan ló dà wá pọ̀. Ọ̀gá mi lẹ jẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mo ní àfẹ́sọ́nà, kò sì sí nǹkan mìíràn lọ́kàn mi." Ó tó kí òkúta gbọ́.

Ọ̀gá yíjú sí Khàlíl. "O rí i? Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún mi."

"Orí ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń kọ́lé ìfẹ́ sí, ránkà dédé," ni Khàlíl wí, tó ń rò ó lọ́kàn pé ìgbà tí òun bá di agbẹnusọ ọkọ ìyàwó, wọ́n á fún òun ní agbádá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí la fẹ́ ṣe fún irú ẹni báyìí? Tí ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín, ó gbà ni. Tó bá gbójú kúrò, ojú ń tì í ni. Tó bá ní rárá, ó fẹ́ kí ọ̀gá tún bẹ̀bẹ̀ ni. Kò sí ọ̀nà kan tí "rárá" lè gbà wọ etí náà. Wọ́n ti dí gbogbo ọ̀nà pa, ìyìn ni wọ́n fi dí i.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ dàrú ni ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí kànga ẹ̀rọ tuntun ní Ẹ̀júkù. Arábìnrin Rebecca, ọ̀gá àgbà pátápátá, ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga. Àwọn obìnrin ìlú gbé korobá wọn wá láti àárọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pọn omi láti odò tó jìnnà. Ohun kan péré ló kù: ẹ̀rọ tó ń fa omi, tí wọ́n máa gbé láti Kabba wá láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú píkọ́ọ̀pù àjọ, kí wọ́n sọ ọ́ sínú kànga kí àlejò tó dé.

Ọ̀gá Philip ti pinnu pé níbẹ̀, níwájú gbogbo ayé, lòun máa dá Naomi lóhùn. Ó ti ra ẹrù ìdána: iṣu, kégi epo pupa, àpò iyọ̀, ìgò oyin, àti àpótí aṣọ méjì. Píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni àjọ ní. Khàlíl wò ó, ó rí i pé ẹrù kò lè gba inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ omi.

"Ránkà dédé, kí ni ká sọ̀ kalẹ̀?"

"Khàlíl," ni ọ̀gá wí, "ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti gbọ́ rí pé wọ́n fi ẹ̀rọ omi gbéyàwó?"

Wọ́n sọ ẹ̀rọ omi kalẹ̀ sí Kabba. Wọ́n kó iṣu lọ.

Ní Ẹ̀júkù, Ọ̀gá Philip gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kí ọba, ó kí àwọn ìjòyè, ó kí ara rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó ní, "Nínú ayé, omi wà, ìfẹ́ sì wà. Èmi Philip ni kànga méjèèjì. Òṣìṣẹ́ mi kan, Naomi, ti gbé iṣu wá tọrọ mi. Mo ti ronú sí i. Mo ti gbà. Khàlíl, ẹ kó ẹrù jáde!"

Wọ́n ń kó ẹrù. Ojú gbogbo èèyàn yí sí Naomi. Ó dúró níbẹ̀ nínú aṣọ funfun tó lọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tó bá sọ, ó mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó wo Hájíà Jẹ̀mílà, Hájíà mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan. Ó rìn jáde, ó kúnlẹ̀ fún ọba, ó dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ ṣé, sà," ló wí. "Rárá, sà. Mi ò tọrọ yín, mi ò sì ní í fẹ́ yín. Mo ti sọ ọ́ fún yín ní ọ́fíìsì; ká ní ẹ gbọ́ ni, ǹ bá má sọ ọ́ níbí. Iṣu tí mo gbé wá, gbogbo ọ́fíìsì ni mo gbé e fún."

"Ó fún mi," ni awakọ̀ wí láti ẹ̀yìn.

"Èmi náà," ni ọlọ́dẹ wí. "Ìyàwó mi ló gún un."

"Èmi náà gbà, mo sì ní ọkọ nílé," ni Hájíà Jẹ̀mílà wí.

Ọ̀gá Philip yíjú lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo. "Khàlíl?"

Khàlíl gbé kégi epo sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹyin la fi jẹ tiwa, sà."

Ìyá arúgbó kan láàárín àwọn oníkorobá wá béèrè sókè pé, "Ṣé gbogbo ẹni tó jẹ iṣu ọmọ yìí ló máa fẹ́ ẹ ni?" Ẹ̀rín bú gbàù lábẹ́ àtíbàbà. Ọba fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu.

Arábìnrin Rebecca kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tá a torí ẹ̀ wá." Ó lọ síbi ọ̀pá omi, ó yí ẹnu rẹ̀. Ọ̀pá mí hàà. Ó tún yí i. Eruku díẹ̀ jáde, àti aláǹgbá kan.

"Ẹ̀rọ tó ń fa omi dà?" ló béèrè.

Ó wo píkọ́ọ̀pù. Ó wo iṣu, epo, iyọ̀, àpótí aṣọ. Ó wo àwọn obìnrin tó gbé korobá dání láti àárọ̀. Inú bí i, ó sì hàn lójú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán," ló wí, "ẹ kó ẹrù yín kúrò nínú mọ́tò ìjọba. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ lọ gbé ẹ̀rọ wá báyìí báyìí. Láti òní, Hájíà Jẹ̀mílà ni adelé ẹ̀ka Kabba. Ẹ̀yin á wá sí Lọ́kọ́ja wá ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ bí ọ̀gá ṣe ń fi iṣẹ́ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ halẹ̀ ìfẹ́ mọ́ ọn."

"Mi ò halẹ̀ mọ́ ọn rárá," ni Philip wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mi ò mẹ́nu kan ìwé rẹ̀ rí."

"Ẹ ò nílò kí ẹ mẹ́nu kàn án. Ṣé kò wà lórí tábìlì yín ni?"

Omi dé Ẹ̀júkù kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hájíà Jẹ̀mílà kọ̀wé ránṣẹ́ nípa Naomi, wọ́n sì fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Ìyá rẹ̀ jó ní Ponyan títí gèlè fi já bọ́. Tóyọ̀sí wá láti Mopa, ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ojú Naomi sì rí bí Hájíà ti sọ pé ó ń rí.

Ọjọ́ tí Philip wá kó ẹrù rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Khàlíl wà nínú yàrá Hájíà, ó ń sọ fún un pé oòrùn ló jẹ́, Hájíà sì ń sọ fún un pé kó lọ gbé ẹ̀rọ ìdàwékọ kúrò ní ilé ìtọ̀. Philip gbé páálí ìwé rẹ̀, ó wúwo, orúnkún ń dùn ún. Ó ń tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ.

"Okun o, sà," ni ẹnì kan wí.

Naomi ni. Ó di ẹ̀gbẹ́ kejì páálí náà mú, awakọ̀ sì wá di ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jọ gbé e dé inú mọ́tò. "Ẹ rọra o, sà," ni Naomi wí. "Ẹ máa fi omi gbígbóná jó orúnkún yẹn."

Philip dúró. Mo rí ojú rẹ̀, mo mọ ohun tó fẹ́ máa rò. Kò ní ipò mọ́, kò ní bírò lọ́wọ́, síbẹ̀ ọmọ yìí ń ṣàánú òun, nítorí náà, kò sí ìdí mìíràn ju pé... Ó wo awakọ̀ tó ń nu òógùn. Ó tún wo Naomi, tó ti ń yíjú láti lọ kí ìyàwó ọlọ́dẹ tó gbé ọmọ tuntun wá. Ó rí i pé ohùn kan náà ló fi kí i, okun kan náà.

"Naomi," ló wí.

"Sà?"

"O ṣeun."

Awakọ̀ yíjú padà. Nínú gbogbo ọdún tí ọkùnrin yìí fi jẹ ọ̀gá ní Kabba, kò sí etí kan tó gbọ́ ọpẹ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohun tí iṣu náà ń béèrè látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.